Hóró Òfìfo àti Òṣùwọ̀n Ìrẹ̀wẹ̀sì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dán Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí ó ti ń da àwọn oníṣègùn ọpọlọ láàmú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìbéèrè náà ni pé: nínú ìdánwò oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kí ló dé tí ara àwọn tí a fún ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú fi máa ń yá tó bẹ́ẹ̀, tí ó fi máa ń ṣòro láti mọ̀ bóyá oògùn gidi ń ṣiṣẹ́?

Hóró tí kò ní oògùn nínú yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní pùlàsíbò. Èmi yóò máa pè é ní hóró òfìfo, nítorí pé ó rí bí oògùn lójú, ṣùgbọ́n òfìfo ni inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìgbàgbọ́ aláìsàn nìkan ló ń mú kí hóró òfìfo ṣiṣẹ́. N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìgbàgbọ́ kò ju apá kan lọ, àti pé apá tí ó ń ba ìdánwò jẹ́ jù lọ kì í sábà wá láti inú aláìsàn rárá. Ọwọ́ àwọn tí ń díwọ̀n àìsàn ni ó ti ń wá.

Ìdánwò tí oògùn gidi ti pàdánù

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò kan tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002. Ewéko kan wà tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn láti ọjọ́ pípẹ́. Haipẹ́ríkọ́mù ni orúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n kó 340 àgbàlagbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń yọ lẹ́nu jọ ní ilé ìwòsàn ìwádìí 12, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ènìyàn 113 lo haipẹ́ríkọ́mù, 116 lo hóró òfìfo, 111 sì lo sẹtiralíìnì. Sẹtiralíìnì yìí kì í ṣe oògùn àjèjì. Láti ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìdí tí wọ́n fi mú un wọlé ni kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí: bí ìdánwò náà bá lágbára láti rí oògùn tí ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó rí sẹtiralíìnì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n ka àwọn tí ara wọn yá dé ìwọ̀n tí wọ́n ti là sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó lo haipẹ́ríkọ́mù, nǹkan bí 24 ni ara wọn yá. Nínú àwọn tí ó lo sẹtiralíìnì, nǹkan bí 25 ni. Nínú àwọn tí ó lo hóró òfìfo, nǹkan bí 32 ni. Òfìfo ló ṣíwájú! Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àìsàn náà, àmì tí ó lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onísẹtiralíìnì jẹ́ 10.5, ti àwọn olófìfo jẹ́ 9.2, ìyàtọ̀ tí kò tó láti fi gbá ṣèèṣì dànù. Òṣùwọ̀n kejì kan fi hàn pé sẹtiralíìnì sàn díẹ̀ ju òfìfo lọ, ṣùgbọ́n àwọn òṣùwọ̀n pàtàkì méjèèjì tí wọ́n gbójú lé kò rí i.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Gbogbo ayé ìbá sọ pé ewéko náà kò wúlò, wọn ìbá sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n nítorí pé sẹtiralíìnì náà kùnà, ohun tí a lè sọ kò ju pé ìdánwò náà fọ́jú. Kò rí èyí tí a mọ̀, báwo ni yóò ṣe rí èyí tí a kò mọ̀? Ohun tí ó wà nínú ewu nìyí: oògùn tí ìbá wo ènìyàn sàn lè sọnù sínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé ó sọnù.

Ibi tí òṣùwọ̀n náà ti wá

Kí a tó lè mọ ohun tí ó fọ́ ojú ìdánwò, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1957, Roland Kuhn, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Münsterlingen ní Súwísálandì, ròyìn pé imipiramíìnì ń gbé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dá wó dìde. Kò lo hóró òfìfo, kò sì ní òṣùwọ̀n kankan ju ojú àti etí rẹ̀ lọ. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ó sì mọ ìṣesí wọn dáadáa.

Ní ọdún 1960, Max Hamilton tẹ òṣùwọ̀n kan jáde ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè 17 ló wà nínú rẹ̀: nípa ìbànújẹ́, oorun, iṣẹ́ ṣíṣe, oúnjẹ, èrò àtipa ara ẹni, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ro àmì gbogbo wọn pọ̀, ó lè tó 52. Hamilton kò ṣe òṣùwọ̀n yìí kí a fi mọ ẹni tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní in ni ó ṣe é fún, kí a lè mọ bí ó ti le tó. Ó sì dábàá pé kí ènìyàn méjì máa díwọ̀n aláìsàn kan náà, kí ẹnì kan má ba à fi ìwà ara rẹ̀ tẹ òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1962, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta oògùn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìdánwò tí ó yè kooro hàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Òfin yìí ló sọ ìdánwò pẹ̀lú hóró òfìfo di ẹnu-ọ̀nà ọjà. Díẹ̀díẹ̀, òṣùwọ̀n Hamilton di ohun tí a fi ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí a kò rán an: àwọn ìdánwò ń lò ó láti pinnu ẹni tí yóò wọlé. Nínú ìdánwò haipẹ́ríkọ́mù tí mo sọ, ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá tó 20 kò lè wọlé.

Ohun mẹ́ta tí ó wà nínú òfìfo

Ohun kìíní ni ìrìn àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í dúró lójú kan. Ó máa ń le, ó sì máa ń dẹ̀. Ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe láàrin àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn. Àìsàn àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo hóró òfìfo ni àmì àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Ti àwọn tí ó lo imipiramíìnì jẹ́ 52. Ìgbà tí àìsàn bá le jù ni ènìyàn máa ń wá ìtọ́jú. Ìgbà yẹn náà ni a máa ń mú un wọ inú ìdánwò. Láti orí òkè, ìsàlẹ̀ ni ó sì kù tí ènìyàn lè lọ. Ìdí nìyí tí àmì gbogbo ọ̀wọ́ fi máa ń wá sílẹ̀, bí a tilẹ̀ fún wọn ní omi lásán.

Ohun kejì ni ìtọ́jú àti ìrètí. Ẹni tí ó wà nínú ìdánwò máa ń rí oníṣègùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò jókòó tì í, tí yóò béèrè bí ó ti sùn àti bí ó ti jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí irú ìkíyèsí bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Posternak àti Zimmerman ṣe ìṣirò ní ọdún 2007 pé ìbẹ̀wò kan tí a bá fi kún un máa ń fa nǹkan bí àmì kan lulẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Hamilton lọ́dọ̀ àwọn tí ó lo òfìfo. Ní ti ìrètí, Papakostas àti Fava fi hàn ní ọdún 2009 pé bí ó bá ti ṣeé ṣe tó fún aláìsàn láti bọ́ sí ọ̀wọ́ òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí òfìfo ń dínkù tó. Ẹni tí a sọ fún pé oògùn gidi ni mẹ́ta nínú hóró mẹ́rin yóò retí ìwòsàn ju ẹni tí a sọ fún pé ìdajì ni lọ. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń dán ìwọ̀n mẹ́ta oògùn kan wò lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfìfo kan, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òfìfo sókè.

Ohun kẹta ni ó kan òṣùwọ̀n, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí. Ilé ìwòsàn tí ń ṣe ìdánwò máa ń gba owó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé. Olùdíwọ̀n mọ̀ pé 20 ni àmì àbáwọlé. Aláìsàn kan wà níwájú rẹ̀ tí àmì rẹ̀ jẹ́ 18. Ó nílò ìtọ́jú, ó fẹ́ wọlé, àkókò sì ń lọ. Olùdíwọ̀n kò ní láti purọ́. Ó kàn lè rò pé oorun rẹ̀ burú díẹ̀ ju bí ó ti wí lọ, kí ó sì fi àmì méjì kún un. Aláìsàn wọlé pẹ̀lú 20. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ìdí mọ́ láti fi nǹkan kún un, àmì sì padà sí 18. Ara ti fi àmì méjì yá lórí ìwé, nígbà tí kò tíì sí ohun tí ó yí padà lára aláìsàn.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe ọ̀wọ́ méjèèjì ni àfikún yìí kàn bákan náà, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò fi ní yí padà? Ìbéèrè tí ó dára ni. Àmì méjì náà kọ́ ni ó ń ṣe ìpalára gan-an. Àwọn ènìyàn tí ó gbé wọlé ni. Àìsàn wọn kò le tó èyí tí oògùn lè rí nǹkan ṣe sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo ṣírò fúnra mi ṣàlàyé. Ká ní oògùn kan ń fa àmì 3 lulẹ̀ ju òfìfo lọ lára ẹni tí ó ń ṣàìsàn dáadáa. Ká ní àmì àwọn aláìsàn fi nǹkan bí 8 tú ká yí àárín ká. Láti rí ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú ìdánilójú tí a sábà ń béèrè, a nílò nǹkan bí ènìyàn 114 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ká ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a gbà wọlé ni oògùn kò lè ṣe nǹkan kan fún. Ìyàtọ̀ yóò dínkù láti 3 sí 1.8. Iye ènìyàn tí a nílò kò ní fi ìwọ̀nba díẹ̀ pọ̀ sí i: yóò fò sókè láti 114 dé 316 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mú 114 dání lọ sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí pé 111 sí 116 ni ènìyàn tí ó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìdánwò haipẹ́ríkọ́mù. N kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ìṣirò náà fi hàn bí ààyè àṣìṣe ti tóóró tó.

Àwọn àtúnṣe, èyí tí ó kùnà àti èyí tí ó mú èso wá

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn sá tọ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ fún gbogbo aláìsàn ní hóró òfìfo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì yọ àwọn tí ara wọn bá yá kúrò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, Trivedi àti Rush yẹ ọ̀pọ̀ ìdánwò wò, wọn kò sì rí i pé ó dín ìdáhùn sí òfìfo kù. Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ló fa èyí. Aláìsàn kò mọ̀ pé òfìfo ni òun ń lò lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n olùdíwọ̀n mọ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, aláìsàn yẹn lọ nìyẹn. Nítorí náà, àmì kì í lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń dúró de ìgbà tí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò wá já lulẹ̀.

Àtúnṣe kejì ni pé kí a gba òṣùwọ̀n kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àǹfààní nínú rẹ̀. Ní ọdún 2010, Kobak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ti fi olùdíwọ̀n oríṣi méjì wọn àwọn aláìsàn kan náà. Oríṣi kan ni àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn. Oríṣi kejì ni àwọn tí ó wà lọ́nà jíjìn, tí ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, tí wọn kò mọ àmì àbáwọlé, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ ni tàbí ìkẹyìn. Lójú àwọn ti ilé ìwòsàn, àmì àwọn tí ó lo òfìfo fi ohun tí ó lé ní 7 lọ sílẹ̀. Lójú àwọn ti ọ̀nà jíjìn, ó fi ohun tí ó lé díẹ̀ ní 3 péré lọ sílẹ̀. Àwọn aláìsàn kan náà ni o, hóró kan náà ni wọ́n sì lò! Ká ní àwọn ti ọ̀nà jíjìn ni ó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà, nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a gbà wọlé ni ì bá má lè wọlé. Ó ju ìdajì ohun tí wọ́n pè ní agbára òfìfo lọ tí ó jẹ́ pé orí bébà ni ó wà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ayọ̀ yìí gbé wa fò. Nínú ìdánwò Kobak yẹn, oògùn gidi kò yọrí lọ́dọ̀ oríṣi olùdíwọ̀n kankan. Yíyí ẹni tí ń díwọ̀n padà lẹ́yìn tí àwọn tí kò yẹ ti wọlé kò lè sọ wọ́n di ẹni tí ó yẹ. Ẹnu-ọ̀nà ni a ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe kẹta ni ti ìpele méjì, tí Fava àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ìpele kìíní, a ó fi ìbò pín àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n a ó fi èyí tí ó pọ̀ jù sí ọ̀wọ́ òfìfo. Ní ìparí ìpele yẹn, a ó mú àwọn tí òfìfo kò ràn lọ́wọ́, a ó tún fi ìbò pín wọn sí oògùn àti òfìfo. Lẹ́yìn náà, a ó pa èsì ìpele méjèèjì pọ̀. Ó yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ òfìfo àtijọ́ ní ti pé bí wọ́n bá fi ìgbà tí ìpele ń yí padà pamọ́ fún olùdíwọ̀n, kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun di àmì mú.

Ọ̀nà yìí bọ́ sójú táyé ní ọdún 2018. Oògùn kan tí a fi búpirenọfíìnì àti samidọ́fáànì pò pọ̀ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá síwájú ìgbìmọ̀ olùgbaninímọ̀ràn àjọ oúnjẹ àti oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdánwò ìpele méjì sì wà lára ẹ̀rí tí ó gbé dání. Kì í ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ ni ó yọrí sí rere. Àwọn onímọ̀ béèrè ohun tí àpapọ̀ ìpele méjèèjì túmọ̀ sí fún aláìsàn tí ó wá bá dókítà ní ọjọ́ kìíní, nítorí pé dókítà kò lè kọ́kọ́ fún un ní òfìfo láti mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ènìyàn 21 nínú ìgbìmọ̀ náà dìbò pé àǹfààní rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀. Ènìyàn 2 péré ni ó gbà pé ó borí. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àjọ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ó sì béèrè ẹ̀rí sí i.

Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àtúnṣe tí ó bá fi gbogbo agbára lé òfìfo, tí kò bojú wo ìyàtọ̀ àárín òfìfo àti oògùn, lè mú kí òfìfo kéré kí oògùn sì kéré pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2017, Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà wò láti 1987 dé 2013. Wọ́n rí i pé ìdáhùn sí òfìfo ti ga sí i, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí oògùn náà ti ga sí i, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka ìròyìn ìdánwò kò gbọdọ̀ wo iye òfìfo nìkan.

Ohun mẹ́ta ni mo ń dábàá pé kí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ máa wá. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ó ń díwọ̀n mọ àmì àbáwọlé. Kí ó yẹ àmì ọjọ́ àkọ́kọ́ wò: bí ó bá rí i pé wọ́n ṣù jọ sórí 20 àti 21, tí 18 àti 19 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàrin àwọn tí a yẹ̀ wò, kí ó mọ̀ pé ẹnìkan ti ń ti àwọn ènìyàn wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ẹlẹ́rìí, ìyẹn oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá yọrí tí oògùn tuntun kò yọrí, a lè sọ pé oògùn tuntun kùnà. Bí ẹlẹ́rìí pàápàá bá kùnà, ìdánwò ni ó kùnà, a kò sì tíì lè dá oògùn lẹ́bi.

Ní ti aláìsàn tí ara rẹ̀ yá lórí òfìfo nítorí pé ẹnìkan jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá ara gidi ni tirẹ̀. Kò yẹ kí a pè é ní àṣìṣe. Èyí tí a gbọ́dọ̀ gbógun tì ni ìyá ara ti orí bébà, tí kò ṣe aláìsàn láǹfààní, tí ó sì ń bo oògùn tí ìbá ràn án lọ́wọ́ mọ́lẹ̀.